Àpò ìrẹsì tó kọ̀ tí kò jáde

Ilé ìtajà kan wà n'Íbàdàn tó ń ta oúnjẹ ní páálí àti ní àpò. Ẹni tó ni ín, Alhaja ni gbogbo wa ń pè é, fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa fi áàpù rajà dípò kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní kí a ṣe kẹ̀kẹ́ oríire kan sínú áàpù náà. Ẹni tó bá rajà tó tó ₦20,000 yóò yí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló wà: àpò ìrẹsì kan, kẹ́ẹ̀gì òróró kan, àti káàdì ìpè ₦200. Alhaja ti ṣírò owó rẹ̀ kó tó pè wá. Nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá yí kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ kí ìrẹsì jáde lẹ́ẹ̀kan, kí òróró jáde lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kí 90 tó kù jẹ́ káàdì.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ ọ́. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde sí gbangba, mo sì fọwọ́ sí i. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ di ẹrù ọ̀rọ̀ náà lé lórí. Ibi tí ẹ̀bùn ti ń jáde nínú gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìlà méjì lọ:

```python
ebun = [("iresi", 1), ("ororo", 9), ("kaadi", 90)]
jade = max(ebun, key=lambda e: random.random() * e[1])
```

Èyí ni pé kí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan fa nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú, láti 0 títí dé ẹnu 1. Kí a sọ nọ́ńbà tí ìrẹsì fà di ìlọ́po 1, ti òróró ìlọ́po 9, ti káàdì ìlọ́po 90. Ẹ̀bùn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù lọ ló jáde. Ojú ẹni tó bá kà á kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Ìwọ̀n tó tóbi, bíi 90 ti káàdì, ń gbé nọ́ńbà ga, ìwọ̀n tó kéré, bíi 1 ti ìrẹsì, kò gbé e ga, ẹ̀bùn olówó iyebíye á ṣọ̀wọ́n, káàdì á pọ̀. Gbogbo ohun tí a fẹ́ ló dà bíi pé ó wà níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi jẹ́ kó kọjá.

Oṣù kan kò tíì pé tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń sọ nínú ṣọ́ọ̀bù pé ìrẹsì ojú àwòrán lásán ni ìrẹsì inú kẹ̀kẹ́ yìí. Ìyá kan tó ń rajà níbẹ̀ tipẹ́ ti yí i nígbà 30, káàdì ló sì gbà nígbà 29. Alhaja pè mí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ gbàgbé láti fi ìrẹsì sí i ni?"

Mo ní, "Rárá o, Alhaja. Ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé."

"Ẹ wò ó dáadáa. Èmi ti ra ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní olè lórí ohun tí mo fẹ́ fi tọrẹ."

Ohun tí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ fura sí ni kẹ̀kẹ́ tó ń yí lójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí n ya sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lórí èyí, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í yan nǹkan kan. Kèké ti ṣẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn áàpù kí kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ibi tí wọ́n bá rán an ló ń lọ dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń ṣe, kò sì burú, nítorí ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù oníbàárà, oníbàárà lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ayàwòrán wa ti pín ojú kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba, ìrẹsì gba ìdá mẹ́ta, káàdì náà gba ìdá mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó yóò retí ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta tó bá yí i. A kọ "ìrẹsì: 1 nínú 100" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n ti yí kẹ̀kẹ́ nígbà 4,800. Ìrẹsì jáde lẹ́ẹ̀kan. Òróró jáde nígbà 236. Káàdì jáde nígbà 4,563.

Kò pẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí burúkú. Nínú 4,800, ìrẹsì yẹ kó jáde ní nǹkan bí ìgbà 48. Kò pọn dandan kó jẹ́ 48 gẹ́lẹ́, nítorí kèké ni. Fún ohun tó ṣọ̀wọ́n bí èyí, òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò ni gbòǹgbò iye tí a ń retí. Gbòǹgbò 48 kò pé 7. Bí iye tó jáde bá fi 7 jìnnà sí 48, kò sí wàhálà. Bó bá fi 14 jìnnà, kí ènìyàn la ojú. Bó bá fi 21 jìnnà, ohun kan ti bàjẹ́. Tiwa fi 47 jìnnà. Òróró náà ń wí tirẹ̀, 236 níbi tí a ti ń retí 432, ṣùgbọ́n ariwo ìrẹsì pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò fetí sí òróró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òróró yìí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú ni ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí: orísun nọ́ńbà. Àbúrò mi ní bóyá `random` lásán kò dára tó, ó sì fi `random.SystemRandom` rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń gba nọ́ńbà láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wọ́n tún yí kẹ̀kẹ́ nígbà 900, ìrẹsì kankan kò jáde. Mo lè sọ ọ́ báyìí pé kò lè ràn wá lọ́wọ́. Orísun nọ́ńbà tó wà nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà òde òní lè má dára fún ọ̀rọ̀ àṣírí, nítorí ẹni tó bá gbọ́n lè ka èyí tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò burú débi tí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 48 yóò fi ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí àsè bá bàjẹ́ tó báyìí, kì í ṣe omi ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ohun kejì tí a ṣe ló sún mọ́ jìbìtì jù, ó sì jẹ́ pé òun ló dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Bí ìrẹsì kò bá jáde, a ní kí a fi kún ìwọ̀n rẹ̀. A gbé e láti 1 lọ sí 2, a dán an wò, ó kéré. A gbé e lọ sí 3, sí 4. Nígbà tó dé 5, ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí Alhaja ṣe fẹ́. Nínú 2,000 tó tẹ̀ lé e, ìgbà 22 ló jáde. Alhaja dúpẹ́, ó fi páálí ohun mímu ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó gba ìrẹsì ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Mo mu nínú ohun mímu náà. Ibi tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, nítorí àmì wà níwájú mi tí mo fò kọjá. Lójú ìwé, ìwọ̀n ìrẹsì ti di 5 nínú àpapọ̀ 104, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú 100. Ohun tó ń jáde kò ju 1 nínú 100 lọ. Bí ohun tí a kọ bá ń ṣe ohun tí a rò pé ó ń ṣe, ìrẹsì ì bá jáde nígbà 96 nínú 2,000 yẹn, Alhaja ì bá sì ti lé wa jáde. Ìdáhùn tí inú wa dùn sí yẹn, ẹ̀rí pé a kò mọ ohun tí ìlà náà ń ṣe ni. Òróró náà ṣì wà níbi tó wà, ó jáde ní ìgbà 88 níbi tí Alhaja ti ń retí 180, kò sì sí ẹni tó bínú, nítorí kò sí oníbàárà tó ń lá àlá kẹ́ẹ̀gì òróró.

Òjò dé. Alhaja ra agboòrùn púpọ̀ tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀, ó ní kí a fi ṣe ẹ̀bùn kẹrin. A fún un ní ìwọ̀n 60, a kò fọwọ́ kan ìyókù. Èrò wa ni pé ẹ̀bùn gbogbo yóò dín kù díẹ̀díẹ̀ láti fún agboòrùn láyè, bí ìgbà tí àlejò kan bá dé bá ẹni tó ń jẹun. Nínú ìgbà 1,500 tí wọ́n yí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn náà, ìrẹsì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agboòrùn tí kò bá ìrẹsì jà lójú ìwé ti lé e wọ igbó.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí àbúrò mi yọ ìrẹsì, òróró, agboòrùn, gbogbo rẹ̀ kúrò, kó fi ohun méjì péré sílẹ̀, A tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 àti B tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3, kó sì ṣẹ́ kèké nígbà 60,000 lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, láìsí áàpù, láìsí kẹ̀kẹ́. A yẹ kó jáde ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 15,000.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 10,000 ó lé díẹ̀ ni."

Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún jẹ́ 10,000 àti díẹ̀. Nọ́ńbà yẹn mọ́ tónítóní ju kí ó jẹ́ àṣìṣe orísun lọ. Ìdá kan nínú mẹ́fà ni. Ibo ni mẹ́fà ti wá, nígbà tó jẹ́ pé 1 àti 3 nìkan la kọ síbẹ̀?

A ya á sórí ìwé. Ya onígun mẹ́rin kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà tí A fà, láti 0 dé 1. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni nọ́ńbà tí B fà. Gbogbo ibi tí kèké méjèèjì lè bọ́ sí wà nínú onígun mẹ́rin yìí, kò sì fi ibì kan ṣe ààyò ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀bùn A lè borí B níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ju ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà B lọ. Ibẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó sùn sí ìsàlẹ̀ ìwé: gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, gíga rẹ̀ níbi tó ga jù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Àyè onígun mẹ́ta jẹ́ ìdajì gígùn lọ́nà gíga. Ìdajì ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́fà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe rárá. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe.

Nígbà tí a mú ìrẹsì padà wá, ohun gbogbo yé wa. Kí ìrẹsì tó jáde nínú ẹ̀bùn mẹ́ta àkọ́kọ́, nọ́ńbà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 9 ti òróró lọ, kó sì tún ju ìlọ́po 90 ti káàdì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ìrẹsì fa nọ́ńbà tó ga jù lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1. Òróró ṣì gbọ́dọ̀ fa ohun tó kéré sí ìdá kan nínú 9, káàdì sì gbọ́dọ̀ fa ohun tó kéré sí ìdá kan nínú 90. Kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 810. Ìrẹsì kì í sì í fa 1 nígbà gbogbo. Bí nọ́ńbà tirẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni ilẹ̀kùn méjèèjì ń fún mọ́ ọn. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà lókè yẹn ló kù fún un: ẹ̀ẹ̀kan nínú 2,430. Alhaja fẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 100.

Wo ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kìíní pẹ̀lú ojú yìí. Nínú 4,800, a ó retí ìrẹsì méjì. A rí ẹyọ kan. Òróró, tí a bá ṣe ìṣirò kan náà fún un, yóò jáde ní nǹkan bí 5 nínú 100, ìyẹn 239. A rí 236. Òróró ti ń sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní a ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sí bí a ṣe lè ronú nípa orísun nọ́ńbà, nítorí orísun tó bàjẹ́ kì í dín ẹ̀bùn kejì kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ìdí tí 5 fi dà bí oògùn náà hàn. Nínú ìlà yẹn, ìwọ̀n ìrẹsì kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń wọlé fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan tó bá ń bá a jà. Alátakò méjì ló ní, nítorí náà 5 di 25, ìṣeéṣe rẹ̀ sì di 25 nínú 2,430, tó ṣe kòńgẹ́ pé ó sún mọ́ 1 nínú 97. Nígbà tí agboòrùn dé, alátakò di mẹ́ta, odi mìíràn sì dìde tí ìrẹsì gbọ́dọ̀ fò. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,555 ni ìṣirò fún wa. Bí kèké bá jẹ́ kèké tòótọ́, ẹ̀bùn tuntun kàn ń fi tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kún inú àpò ni. Nínú tiwa, ọ̀tá tuntun ló ń jẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn débi tó fi ń tini lójú. Ká to tíkẹ́ẹ̀tì 100 sórí tábìlì ní ìlà kan: ọ̀kan fún ìrẹsì, 9 tó tẹ̀ lé e fún òróró, 90 tó kù fún káàdì. Ká fa nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo láti 0 dé 99, ká sì rìn lórí ìlà títí a ó fi dé ibi tó bọ́ sí.

```python
def yan(iwon):
    apapo = sum(iwon.values())
    r = secrets.randbelow(apapo)
    for ebun, w in iwon.items():
        if r < w:
            return ebun
        r -= w
```

Ohun tó gba àkíyèsí ni pé nọ́ńbà kan ni gbogbo ẹ̀bùn jọ ń pín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ kóòdù tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà tuntun fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n á bi í bóyá ìrẹsì ni, bí kò bá jẹ́ òun wọ́n á tún fa òmíràn fún òróró. Ìyẹn náà kì í pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe tirẹ̀ kì í pọ̀ tó tiwa. Mo sì fẹ́ràn kí ìwọ̀n jẹ́ nọ́ńbà odidi. Bí ènìyàn bá fi 0.01, 0.09 àti 0.9 ṣe é, kọ̀ǹpútà lè ṣírò àpapọ̀ rẹ̀ kí ó má pé 1 gẹ́lẹ́, ìrìn orí ìlà á sì parí nígbà mìíràn láìdé orí ẹ̀bùn kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, `random.choices` ti wà nínú Python láti ẹ̀dà 3.6, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àbúrò mi béèrè bóyá kò sí bí a ṣe lè gba ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ là. Ó wà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Efraimidis àti Spirakis, tẹ ọ̀nà kan jáde ní ọdún 2006: dípò ká sọ nọ́ńbà di ìlọ́po ìwọ̀n, ká gbé e sí agbára 1 lórí ìwọ̀n.

```python
jade = max(ebun, key=lambda e: random.random() ** (1 / e[1]))
```

Dán an wò pẹ̀lú A àti B wa. A borí bí nọ́ńbà B bá kéré sí nọ́ńbà A tí a gbé sí agbára 3, àyè ìyẹn nínú onígun mẹ́rin sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gẹ́lẹ́. Kò sí ìdí tí a ó fi lò ó fún ẹ̀bùn ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó wúlò nígbà tí a bá fẹ́ mú ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìmú ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja ń mú oníbàárà mẹ́ta ní ìparí oṣù, tí ẹni tó rajà púpọ̀ sì ní kèké tó wúwo jù. A fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà yìí, a sì mú mẹ́ta tó ga jù. Ibẹ̀ ni a ti ń lò ó báyìí.

A dá ìwọ̀n padà sí bí Alhaja ṣe wí i ní ọjọ́ kìíní, agboòrùn sì kúrò nítorí ó ti tán. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Alhaja ra àpò ìrẹsì 20, ó ní fún ìgbà 2,000 ni. Ìrẹsì tán nígbà tí wọ́n yí kẹ̀kẹ́ dé nǹkan bí 1,700. Kò sí àléébù nínú kóòdù lọ́tẹ̀ yìí. Kèké tó ń jáde ní 1 nínú 100 lè mú 16 wá nínú 2,000, ó lè mú 24 wá, gbòǹgbò 20 kò kéré ju 4 lọ. Bí ènìyàn bá ra 20 gẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà 44 nínú 100 ni ẹni kọkànlélógún yóò jẹ ìrẹsì kí 2,000 tó pé. A kò sọ èyí fún Alhaja, ó yẹ ká ti sọ ọ́.

Ohun tí kóòdù wa ṣe nígbà tí ìrẹsì tán ló burú. Bí kèké bá mú ìrẹsì tí kò sí nílẹ̀, ó tún kèké ṣẹ́ láàárín àwọn tó kù. Àwọn ènìyàn bí 300 yí kẹ̀kẹ́ tí ìrẹsì kò sí nínú rẹ̀ mọ́, "1 nínú 100" sì ṣì wà lójú fóònù wọn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó ìṣòwò ní Gúúsù Kòríà bu owó ìtanràn 11.6 bílíọ̀nù wọ́ọ̀nù lé ilé iṣẹ́ Nexon, nítorí pé nínú eré MapleStory, ó dín ìṣeéṣe àwọn ohun kan tí àwọn ènìyàn ń fi owó wá kù, ó tilẹ̀ sọ ti àwọn mìíràn di òdo, kò sì sọ fún wọn. Tiwa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Ohun tí Alhaja ń fẹ́ gan-an, nígbà tí mo bi í léèrè dáadáa, kì í ṣe ìṣeéṣe. Ó ní, "Àpò 20 ni mo fẹ́ fi tọrẹ, kì í ṣe 19, kì í ṣe 21." Àpò tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wá, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. A wá fi tíkẹ́ẹ̀tì 2,000 sínú àpò, 20 fún ìrẹsì, 180 fún òróró, 1,800 fún káàdì, tíkẹ́ẹ̀tì tó bá sì jáde kì í padà sínú rẹ̀. `yan` kan náà la lò. Ohun tí a fún un kì í ṣe ìwọ̀n tí kò yí padà mọ́, iye tó kù nínú àpò ni. Lẹ́yìn kèké kọ̀ọ̀kan, a yọ ẹyọ kan kúrò lára ẹ̀bùn tó jáde. Nítorí pé ènìyàn méjì lè yí kẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, a fi `SELECT ... FOR UPDATE` ti ìlà náà pa nínú dátà títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi ṣe tán, kí àpò ìrẹsì kan má baà di ti ènìyàn méjì.

Àbúrò mi dá a lábàá pé ká po tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká kọ ọ́ sínú dátà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó bá dé máa mú èyí tó kàn. Ó yá jù, ìṣirò rẹ̀ sì pé. Mo kọ̀ ọ́ nítorí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá lè ṣí dátà yóò mọ̀ pé ìrẹsì ló kàn, yóò sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá rajà kíákíá. Bí a bá ṣẹ́ kèké nígbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà ṣáájú.

Àpò náà ní àléébù tirẹ̀. Bó bá ku tíkẹ́ẹ̀tì 40 tí ìrẹsì méjì sì wà nínú rẹ̀, ìṣeéṣe ti di 5 nínú 100, bí ìrẹsì bá sì ti tán ṣáájú, òdo ni. Alhaja máa ń lẹ orúkọ àwọn tó jẹ ìrẹsì mọ́ ògiri, nítorí náà ẹni tó bá mọ ìṣirò lè máa dúró de ìparí àpò. A kò jẹ́ kí àpò gbẹ. Bó bá ti ku 400, a da 2,000 mìíràn lé e, pẹ̀lú ìrẹsì 20 tuntun. A sì yọ "1 nínú 100" kúrò lójú fóònù, a fi "ìrẹsì 20 nínú kèké 2,000" síbẹ̀, èyí tó jẹ́ òtítọ́.

Ìdánwò A àti B ti wà nínú iṣẹ́ náà báyìí. Kóòdù kankan kò lè jáde bí `yan` kò bá mú A jáde láàárín 14,500 sí 15,500 nínú 60,000. Ìdánwò kejì fún ìrẹsì ní 0, ó ṣẹ́ kèké nígbà 100,000, ó sì ní ìrẹsì kò gbọ́dọ̀ jáde rárá. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi tún `yan` kọ, ó sì fi `<=` síbi tí `<` wà. Ìyẹn ń fún ẹ̀bùn tó wà ní iwájú ìlà ní tíkẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní, ń gbà á lọ́wọ́ èyí tó wà lẹ́yìn. Nínú àpò 2,000, ìrẹsì 20 á máa ṣe bí 21, kò sì sí ìwé àkọsílẹ̀ tí ojú lè fi rí i. Ṣùgbọ́n bí ìrẹsì bá jẹ́ 0, nígbàkigbà tí nọ́ńbà bá bọ́ sí 0, ìrẹsì tí kò sí á jáde. Ìdánwò méjèèjì kígbe, nítorí A náà ti di 2 nínú 4. Àbúrò mi ló rí i fúnra rẹ̀, ó sì ti tún un ṣe kó tó fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò.